Ṣé Kí N Sọ Pé AI Ló Ya Àwòrán Ọjà Mi?

Ìbéèrè: Aṣọ àdìrẹ ni mò ń rán tà l'Ábẹ́òkúta. AI ni mo fi ń ṣe àwòrán ìpolówó mi, torí owó ayàwòrán ti wọ́n jù. Ṣé kí n sọ fún oníbàárà? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sá. — Ìyá Aláàdìrẹ

Ìdáhùn: Ẹ sọ ọ́. Ohun tó ń lé oníbàárà sá ni kí aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀, kó má jọ èyí tó sanwó fún. AI kì í ya aṣọ yín gan-an. Èyí tó jọ ọ́ ló ń yà. Ẹ fi àwòrán náà wé aṣọ: bátànì lè ti yí padà, kí aró sì dán jù.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àwòrán nìkan ni AI ṣe, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Àmọ́ bó bá kan aṣọ tàbí ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹ kọ "AI la fi ṣe àwòrán yìí" sórí àwòrán gan-an. Bí ẹ bá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán nìkan, ó lè má bá àwòrán lọ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ẹ wá fi fọ́tò aṣọ gidi tì í, èyí tí ẹ fi fóònù yà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ má sì ṣe fi ojú tí AI dá ṣe oníbàárà tó ń yin ọjà yín. Irọ́ gbáà nìyẹn.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà kò fàyè gba ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pè yín lẹ́jọ́, ẹ tètè rí lọ́yà.