Ìdí tí Gbájúẹ̀ fi ń Kán Wa Lójú, tí ó sì ń Ní Kí A Má Sọ fún Ẹnìkan



Nígbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n lu ẹnìkan ní jìbìtì lórí fóònù, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé ojúkòkòrò ni ó kó bá a, tàbí pé kò lajú. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn tí ó ń ka owó wọn lẹ́ẹ̀mejì wà lára àwọn tí ó ń kó sí pańpẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹyọ kan yẹ̀ wò, èyí tí oníjìbìtì fi ń ṣe bí òṣìṣẹ́ báǹkì.

Ẹ fojú inú wo Alhaja kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Fóònù rẹ̀ dún. Ẹni tí ó pè é kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Láti báǹkì yín ni a ti ń pè.” Ó dárúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sì ka nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára káàdì rẹ̀. “Ẹnìkan ń gbìyànjú láti kó 185,000 náírà nínú àkáǹtì yín báyìí. Ṣé ẹ̀yin ni?” Alhaja ní rárá o. “A fẹ́ dá a dúró. Nọ́ḿbà mẹ́fà kan yóò wọlé sórí fóònù yín, ẹ kà á fún mi kíákíá kí owó tó jáde. Ẹ má gé fóònù o. Ẹ má sì tíì sọ fún àwọn ẹ̀ka yín, torí a fura pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan wà nídìí rẹ̀.”

Nọ́ḿbà mẹ́fà yẹn ni OTP. Báǹkì gan-an ni ó fi í ránṣẹ́, ìdí nìyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà fi jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì ni ó mú kí báǹkì fi í ránṣẹ́, nítorí pé ó ti tẹ nọ́ḿbà káàdì Alhaja sí ojú ìwé ìrajà kan, èyí kan ṣoṣo ni ó sì kù fún un. Nọ́ḿbà náà kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà, ìkánjú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti oníjìbìtì ni. Òun ni ó gbé e sí Alhaja láyà. Bí owó bá sì ti jáde, ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ń dé àkáǹtì mìíràn, kí wọ́n tó pín in kiri.

Ìpamọ́ ńkọ́? Ẹni tí ẹ̀rù bá nílò ẹlòmíràn tí ẹ̀rù kò bà. Bí Alhaja bá sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní yàrá kejì, ọmọ náà yóò bi í pé: “Màmá, kí ni báǹkì fẹ́ fi nọ́ḿbà tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ ṣe?” Ìbéèrè yẹn ni oníjìbìtì ń sá fún. Ẹ sì wo bí ó ti fi ẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ ẹ̀ka: ó ti ilẹ̀kùn ìrànlọ́wọ́, ó sì sọ ìdákẹ́jẹ́ di ara ọ̀nà ìṣọ́ owó. Àìgé fóònù náà bákan náà ni, nítorí ẹni tí ó wà lórí ìlà kò lè pe ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí: kò tọrọ owó lọ́wọ́ Alhaja. Ó ní òun fẹ́ bá a dáàbò bo owó rẹ̀ ni. Ìṣọ́ra Alhaja gan-an ni ó dì mú. Aláìbìkítà ì bá ní kí wọ́n jẹ́ kí ó di ọjọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí irọ́ nínú ohun tí Alhaja kọ́kọ́ gbà: orúkọ rẹ̀ ni, báǹkì rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ nọ́ḿbà àkáǹtì wa láti fowó ránṣẹ́ ni orúkọ wa ń hàn sí, nọ́ḿbà mẹ́rin ìparí káàdì sì máa ń wà lára rìsíìtì tí a ń jù nù. Àní, ìkìlọ̀ pé kí a má sọ nọ́ḿbà náà fún ẹnikẹ́ni sábà máa ń wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ojú tí ẹ̀rù ń bà, tí ohùn sì ń sọ̀rọ̀ sí létí, nọ́ḿbà nìkan ni ó ń rí. Àṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn wà nínú Suratul Hujuraati, aaya 6, Alhaja sì mọ̀ ọ́n. Àkókò ìwádìí ni wọ́n jí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nítorí èyí, ìmọ̀ nìkan kò tó. Kí ẹ̀rù tó dé ni a ti ń pinnu nínú ilé pé ìpè yòówù tí ó bá kan owó, a ó gé e, a ó sì fúnra wa pe nọ́ḿbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì. Báǹkì lè ti káàdì pa láìgba OTP lọ́wọ́ wa. Bí a bá sọ pé “Mo ń pè yín padà,” òṣìṣẹ́ tòótọ́ yóò gbà. Oníjìbìtì yóò túbọ̀ gbóná ni. Ẹni tí ó bá sì ti ka nọ́ḿbà náà fún wọn, kí ó pe báǹkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì náà, kí ó sì sọ fún ará ilé rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí gbogbo wákàtí tí ìtìjú bá fi pa á lẹ́nu mọ́, oníjìbìtì ni ó ń lò ó.