Àwòrán Ilé Kì Í Ṣe Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá ilé lórí fóònù, ẹ fara balẹ̀ wo àwòrán. Bí ìlà táìlì bá wọ́ lójijì, tí ojú ibẹ̀ sì rí bàìbàì, ó lè jẹ́ pé wọ́n pa orúkọ ajẹ́ńtì mìíràn rẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á nínú fáìlì, ẹ má tíì pariwo olè: WhatsApp fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń yọ ọ́ kúrò. Ajẹ́ńtì olóòótọ́ náà a máa yá àwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀ kí owó tó jáde.