Ìṣirò Atàwé-Ìròyìn: Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ọjà Ìgbà Kan

1.0 Ìfáárà

Oríṣi ọjà kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oníṣòwò lè rà á sí ìsọ̀, ìgbà kúkúrú kan ni yóò sì fi tà á. Ìwé ìròyìn òní kì í ṣe ọjà mọ́ lọ́la. Kàlẹ́ńdà kì í ṣe ọjà mọ́ nígbà tí ọdún bá ti rìn jìnnà. Ẹni tí ó ń ta irú ọjà báyìí gbọ́dọ̀ pinnu iye tí yóò rà kí ó tó mọ iye tí àwọn ènìyàn yóò béèrè. Bí ó bá rà ju bí ó ti yẹ lọ, yóò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Bí kò bá rà tó, oníbàárà yóò dé, kò sì ní í bá ọjà.

Orúkọ ẹni tí ó ń ta ìwé ìròyìn ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi pe ìṣòro yìí, nítorí pé ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń gba iye tí yóò tà ní ọjọ́ náà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó pè é ní *ìṣirò atàwé-ìròyìn*. Ìrònú tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1888, F. Y. Edgeworth lo irú rẹ̀ láti wádìí iye owó tí ó yẹ kí báńkì fi pamọ́ de àwọn tí yóò wá gba owó wọn. Ní 1951, Kenneth Arrow, Theodore Harris àti Jacob Marschak gbé iṣẹ́ jáde lórí ìpamọ́ ọjà, irú ìrònú yìí sì di ara ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso ọjà.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé mímọ iye tí àwọn ènìyàn sábà máa ń rà kò tó láti fi pinnu iye tí a ó rà sí ìsọ̀. A gbọ́dọ̀ gbé òfò méjì sórí òṣùwọ̀n kan náà: òfò ohun tí ó ṣẹ́kù àti òfò ohun tí kò tó.

2.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Lò

*Ìbéèrè* ni a ó pe iye ẹyọ ọjà tí àwọn oníbàárà ì bá rà bí ọjà kò bá tán. Ó yàtọ̀ sí iye tí a tà, ìyàtọ̀ yìí yóò sì ṣe pàtàkì níwájú. *Owó gbàǹjo* ni iye tí a lè rí lórí ẹyọ kan nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá ti kọjá.

*Òfò àṣẹ́kù* ni ohun tí a pàdánù lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí kò tà. A ń rí i nígbà tí a bá yọ owó gbàǹjo kúrò nínú owó tí a fi ra ẹyọ náà. *Òfò àìtó* ni èrè tí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà béèrè tí kò bá. A ń rí i nígbà tí a bá yọ iye tí à bá fi rà á kúrò nínú iye tí à bá tà á.

Òfò àṣẹ́kù hàn sí ojú, nítorí ọjà náà wà nílẹ̀ nínú ìsọ̀. Òfò àìtó kì í hàn, nítorí oníbàárà tí kò bá ọjà yóò bá tirẹ̀ lọ ni. Èyí ni ó ń mú kí ènìyàn fi ojú kékeré wo òfò kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ.

3.0 Àpẹẹrẹ Kan: Kàlẹ́ńdà Ọdún Tuntun

Ká ní oníṣòwò ìwé kan wà ní Ìbàdàn tí ó máa ń tẹ kàlẹ́ńdà tà ní ìparí ọdún. Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ní Èkó, ni ó ń gbé iṣẹ́ náà lọ. Oṣù Ọ̀wàrà ni ó ń san owó. Bí kàlẹ́ńdà bá tán nínú oṣù Ọ̀pẹ, kò lè rí òmíràn tẹ̀ mọ́, nítorí iṣẹ́ ti kún ọwọ́ àwọn atẹ̀wé.

Ẹyọ kan ń ná an ní ₦700. Ó ń tà á ní ₦1,600. Nígbà tí oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ bá ti parí, èyí tí ó bá ṣẹ́kù di bébà lásán. Àwọn tí ń fi bébà pọ́n ọjà ń gbà á ní ₦100 lórí ẹyọ kan. Nítorí náà, òfò àìtó jẹ́ 1,600 − 700 = ₦900, òfò àṣẹ́kù sì jẹ́ 700 − 100 = ₦600.

Oníṣòwò yìí kò mọ ìbéèrè ọdún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó lè fojú bù ú láti inú ohun tí ó ti rí. Àtẹ 1 fi ìfojúbù rẹ̀ hàn. A kọ ọ́ bí ẹni pé ọdún 100 ni a ń wò, kí *ìṣeéṣe* ọ̀kọ̀ọ̀kan lè yé wa. *Àkópọ̀* ni iye ọdún tí ìbéèrè kò ju iye tí ó wà ní ìlà náà lọ.

Àtẹ 1

| Ìbéèrè (ẹyọ) | Iye ọdún nínú 100 | Àkópọ̀ |
|---|---|---|
| 200 | 10 | 10 |
| 300 | 20 | 30 |
| 400 | 25 | 55 |
| 500 | 20 | 75 |
| 600 | 15 | 90 |
| 700 | 10 | 100 |

Bí a bá ṣírò ìpíndọ́gba ìbéèrè láti inú àtẹ yìí, 440 ni a ó rí.

4.0 Ọgọ́rùn-ún Kọ̀ọ̀kan Gbọ́dọ̀ San Owó Ara Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí 200, nítorí pé kò sí ọdún kankan tí 200 kì í tà tán. Èrè orí rẹ̀ jẹ́ 200 × 900 = ₦180,000. Nígbà náà ni a ó wá máa fi ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan kún un, tí a ó sì máa wò ó bóyá ó mú èrè wá ju òfò lọ.

Ọgọ́rùn-ún tí ó gbé wa láti 400 dé 500 yóò tà ní ọdún tí ìbéèrè bá jẹ́ 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 45 nínú 100 nìyẹn. Bí ó bá tà, yóò mú ₦90,000 wá. Bí kò bá tà, yóò mú ₦60,000 lọ. Ní ìpíndọ́gba, ó mú ₦40,500 wá, ó sì mú ₦33,000 lọ. Èrè ₦7,500 ṣẹ́kù. Ó yẹ kí a tẹ̀ ẹ́.

Ọgọ́rùn-ún tí ó gbé wa láti 500 dé 600 yóò tà ní ọdún 25 péré nínú 100. Ní ìpíndọ́gba, ó mú ₦22,500 wá, ó sì mú ₦45,000 lọ. Òfò ₦22,500 ni. Kò yẹ kí a tẹ̀ ẹ́. Orí 500 ni a ó ti dúró.

Ọ̀nà tí ó yá ju èyí lọ wà. Ibi tí èrè àti òfò ti dọ́gba ni ibi tí àkópọ̀ bá ti dọ́gba pẹ̀lú ìdá kan, èyí tí a ó pè ní *ìdá òdiwọ̀n*. Bí À bá dúró fún òfò àìtó, tí Ṣ sì dúró fún òfò àṣẹ́kù, ìlànà rẹ̀ nìyí:

Ìdá òdiwọ̀n = À ÷ (À + Ṣ) = 900 ÷ (900 + 600) = 0.6

A ó wá lọ sínú Àtẹ 1, a ó sì mú iye àkọ́kọ́ tí àkópọ̀ rẹ̀ kò kéré sí 60 nínú 100. Ní 400, àkópọ̀ jẹ́ 55. Kò tíì tó. Ní 500, ó di 75. Ìdáhùn kan náà ni: 500. Àtẹ 2 fi èrè tí a lè retí hàn ní ìpíndọ́gba.

Àtẹ 2

| Iye tí a tẹ̀ | Èrè ìpíndọ́gba (₦) |
|---|---|
| 200 | 180,000 |
| 300 | 255,000 |
| 400 | 300,000 |
| 500 | 307,500 |
| 600 | 285,000 |
| 700 | 240,000 |

Ẹni tí ó tẹ 700 kí oníbàárà kankan má baà padà lọ́wọ́ òfo yóò rí i pé ₦67,500 ni ó ń fi san owó ìfọ̀kànbalẹ̀ náà lọ́dọọdún.

5.0 Bí Owó Ìtẹ̀wé Bá Yí Padà

Ká ní bébà wọ́n, tí ẹyọ kan fi di ₦1,200, ṣùgbọ́n tí iye tí a ń tà á àti owó gbàǹjo kò yí padà, tí àwọn oníbàárà kò sì dín kù. Òfò àìtó di ₦400, òfò àṣẹ́kù sì di ₦1,100. Ìdá òdiwọ̀n di 400 ÷ 1,500, èyí tí ó jẹ́ bí 0.27. Iye àkọ́kọ́ tí àkópọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni 300.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kò yí padà rárá. 440 ni ìpíndọ́gba rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ó yẹ kí a tẹ̀ ti kúrò lókè ìpíndọ́gba, ó ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tẹ ìpíndọ́gba lọ́dọọdún yóò kéré jù nígbà tí èrè orí ẹyọ bá pọ̀, yóò sì pọ̀ jù nígbà tí èrè náà bá kéré.

6.0 Ibi Tí Ìṣirò Yìí Ti Máa Ń Ṣìnà

Ìlànà náà kò ṣòro. Ohun tí ó ṣòro ni Àtẹ 1, nítorí pé ìwé ìṣirò oníṣòwò kì í sọ iye tí a béèrè. Iye tí a tà ni ó ń sọ.

Ká ní oníṣòwò wa ti ń tẹ 400 lọ́dọọdún. Ní ọdún tí ìbéèrè jẹ́ 500, 600 tàbí 700, ohun tí yóò kọ sílẹ̀ ni 400, nítorí ibẹ̀ ni ọjà ti tán. Nínú ìwé rẹ̀, ọdún 70 nínú 100 ni yóò jẹ́ 400; kò ní í sí àmì pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Bí ó bá wá gba ìpíndọ́gba ohun tí ó tà, 360 ni yóò rí. Bí ó bá tẹ 360 láti ìgbà náà lọ, ìpíndọ́gba títà rẹ̀ yóò di 332. Bí ó bá tún tẹ 332, yóò di bí 312. Báyìí ni ìsọ̀ yóò máa kéré sí i, tí ìwé rẹ̀ yóò sì máa jẹ́rìí pé ó ń ṣe dáadáa, nítorí àṣẹ́kù rẹ̀ ń dín kù.

Ọ̀nà méjì wà láti mọ̀. Àkọ́kọ́, kí ó kọ ọjọ́ tí ọjà tán sílẹ̀, kí ó sì máa fa ìlà kan sínú ìwé fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí kò bá. Ọdún tí kàlẹ́ńdà tán kí Kérésìmesì tó dé kì í ṣe ọdún tí ìbéèrè jẹ́ 400; ọdún tí ó ju 400 lọ ni. Èkejì, kí ó fi ìdá òdiwọ̀n yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ìdá náà bá jẹ́ 0.6, ọdún tí ìbéèrè yóò fi ju ọjà lọ kò yẹ kí ó ju 4 nínú 10 lọ. Bí ọjà bá ń tán lọ́dọọdún, kò tẹ̀ tó.

7.0 Ààlà Rẹ̀ àti Àgbálọgbábọ̀

Ìpíndọ́gba ọdún púpọ̀ ni ìṣirò yìí ń wò, ṣùgbọ́n ọdún kan ṣoṣo ni gbèsè fi ń dé. Ní ọdún tí ìbéèrè jẹ́ 200 péré, ẹni tí ó tẹ 500 yóò jèrè ₦180,000 lórí èyí tí ó tà, yóò sì pàdánù ₦180,000 lórí èyí tí ó ṣẹ́kù. Kò jèrè, kò sì pàdánù. Ẹni tí ó tẹ 600 yóò pàdánù ₦60,000. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ 400 yóò ṣì rí ₦60,000 mú lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ni ìpíndọ́gba èrè rẹ̀ fi ₦7,500 péré dín sí ti ẹni tí ó tẹ 500. Bí ó bá jẹ́ owó tí oníṣòwò yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó fi ń tẹ kàlẹ́ńdà, a kò lè sọ pé ó ṣìṣe bí ó bá mú 400.

Ní kúkúrú, òfò àìtó àti òfò àṣẹ́kù ni ó ń sọ ìdá òdiwọ̀n, ìdá òdiwọ̀n ni ó sì ń sọ ibi tí a ó dúró nínú àtẹ ìbéèrè. Àtẹ náà kò sì lè jẹ́ òtítọ́ bí a kò bá ka àwọn tí ó padà lọ́wọ́ òfo mọ́ àwọn tí ó rà.