Haipatẹ́ńṣàn Orí Káàdì Kì í Ṣe Tẹ́ńṣàn Ọkàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí dókítà máa ń kọ sórí káàdì ilé ìwòsàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà ní ọ̀nà tí kò tọ́. Haipatẹ́ńṣàn ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà mìíràn, dókítà kì í kọ ọ́ tán. Lẹ́tà mẹ́ta péré, H, T àti N, ni a ó bá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á yóò gbọ́ “tẹ́ńṣàn” nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ kò tíì pé, tàbí nígbà tí èsì ìdánwò ọmọ kò tíì jáde. Yóò wá sọ fún ara rẹ̀ pé, “Wàhálà ló pọ̀ jù fún mi. Bí mo bá ti sinmi, ó ti tán.” Láti inú èrò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa oògùn wọn tì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Ọ̀rọ̀ alápá méjì ni. “Haipa” wá láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “rékọjá” tàbí “ju bí ó ti yẹ lọ”. “Tẹ́ńṣàn” wá láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí “nà”, bí ìgbà tí a bá na okùn títí tí ó fi le. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì yóò rántí pé agbára tí ó wà nínú okùn tí a so òkúta mọ́ ni olùkọ́ ń pè ní tẹ́ńṣàn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó rò nígbà náà pé okùn ọ̀hún ń ṣàníyàn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yìí rí lórí káàdì. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ń tì í ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lo èdè Faransé, ọ̀rọ̀ tí ó bá tiwa yìí tan ni wọ́n ń lò fún agbára ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́ bá ní òun fẹ́ wo táńsíọ̀nù aláìsàn, apá onítọ̀hún ni yóò di láti wọ̀n ọ́n. Kò ní bi í léèrè ohun tí ń dà á láàmú.

Èdè Yorùbá náà ní ibi tí ó ti lè ṣi ni lọ́nà. “Ẹ̀jẹ̀ ríru” ni a sábà ń pe àìsàn yìí, ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé inú ẹnìkan ń ru nígbà tí ó bá ń bínú. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà lè rò pé onínúfùfù nìkan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọ̀rọ̀ “ọkàn” tún dá kún un, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ni a fún ẹ̀yà ara tí ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde nínú àyà, àti ibùjókòó èrò àti àníyàn. Ọkàn tí ń ronú lè balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ọkàn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. “Ìfúnpá”, tí àwọn mìíràn ń lò, ni ó sún mọ́ ohun tí dókítà ń ṣe jù lọ: a fún apá, a sì ka nọ́mbà.

Ohun tí nọ́mbà méjèèjì ń sọ

Ní ọdún 1896 ni dókítà ará Ítálì kan ṣe ẹ̀rọ tí a ń dì mọ́ apá, tí ó ń fi makúrì inú ọ̀pá gíláàsì wọn agbára ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1905, dókítà ará Rọ́ṣíà kan fi hàn pé a lè fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ìdè náà bá ń dẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ nọ́mbà méjì sílẹ̀. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá sún kì láti tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tí ó kù nígbà tí ọkàn bá dẹ̀ láàárín ìlù méjì. Bí a bá kọ 120/80, ó túmọ̀ sí pé agbára náà tó láti gbé makúrì sókè ní mìlímítà 120 nígbà ìlù, àti mìlímítà 80 nígbà ìsinmi.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀, a ń pe ènìyàn ní ẹni tí ó ní haipatẹ́ńṣàn bí nọ́mbà òkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì rí i bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀ nípa àníyàn tàbí ìbínú. Nọ́mbà àti ọjọ́ ni ohun tí a ń wò.

Ohun tí másùnmáwo ń ṣe

A kò sọ pé másùnmáwo kò kan ẹ̀jẹ̀ rárá. Bí ẹ̀rù bá bà wá lójijì, ara a máa tú èròjà adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò sáré, àwọn iṣan yóò sún kì, nọ́mbà yóò sì gòkè. Nígbà tí ohun tí ó dẹ́rù bà wá bá kọjá, nọ́mbà náà yóò padà sísàlẹ̀. Bí ara ẹni tí ó le ṣe ń ṣiṣẹ́ ni èyí.

Haipatẹ́ńṣàn yàtọ̀ ní ti pé nọ́mbà náà kì í padà sí ibi tí ó yẹ. Ó lè ga nígbà tí ènìyàn jókòó jẹ́jẹ́, àní nígbà tí ó bá sùn. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí ohun kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó fà á. Ọjọ́ orí, ohun tí a jogún, iyọ̀ oúnjẹ, sísanra jù àti ọtí mímu a máa dá kún un. Àníyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè dá kún un pẹ̀lú, pàápàá bí kò bá jẹ́ kí ènìyàn sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ mú àníyàn náà kúrò, ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ó tún burú ní ti pé kì í sábà dun ènìyàn. Ẹ̀fọ́rí kì í ṣe ohun tí a lè fi mọ̀ ọ́n: ẹni tí orí ń fọ́ lè ní 118/76, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sì lè ní 170/100. Láìsí ìrora, agbára ẹ̀jẹ̀ náà ń mú ògiri iṣan le, ó ń mú un nípọn, títí tí ọpọlọ, kíndìnrín, ojú tàbí ọkàn yóò fi jìyà rẹ̀.

Káàdì méjì

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ méjì ṣe àlàyé. Bàbá kan sáré wọ ilé ìwòsàn, ó ti jẹ obì lójú ọ̀nà, ó sì ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn bí a ṣe ń di apá rẹ̀. Nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 156/92. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ kò ní fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́. Ó ní kí ó lọ tọ̀, kí ó jókòó kí ó sì fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà ní ilẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Nọ́mbà wá di 138/84. Nítorí pé obì lè gbé nọ́mbà sókè, ó ní kí bàbá padà wá ní ọjọ́ mìíràn láìjẹ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó jẹ́ 126/80. Nígbà tí bàbá sì wọ̀n ọ́n nílé fún ọjọ́ méje, kò kọjá 128/80 rí. Ìkánjú, obì àti ìpayà ilé ìwòsàn ni a rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe haipatẹ́ńṣàn.

Ìyá kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, wá ní tirẹ̀ láìní ìdààmú kankan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ó ń sùn dáadáa, ó sì ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Lẹ́yìn tí ó ti sinmi, nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 158/96. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó jẹ́ 154/94. Nílé, níbi tí ìwọ̀n tí a ń ṣọ́ jẹ́ 135/85, ó ń rí bíi 148/92 lójoojúmọ́. Dókítà kọ haipatẹ́ńṣàn sórí káàdì rẹ̀, ó sì fún un ní amlodipíìnì, mìlígíráàmù 5 lójúmọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ó di 128/80.

Ibí yìí gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti lè pa ènìyàn lára. Ìyá náà wí pé, “Ọkàn mi balẹ̀, n kò ní tẹ́ńṣàn, kí ni mo ń lo oògùn sí?” Ó dá a dúró. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú ara rẹ̀ tí ó fi lè mọ̀. Nígbà tí ó padà dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù méjì, nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 160/98. Oògùn ni ó gbé 128/80 dúró. Bí oògùn ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ ni nọ́mbà padà sí ipò rẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn tí àdúrà fún un jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n àníyàn kọ́ ni oògùn náà ń wò.

Àṣìyé yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ìlú Niu Ọlínsì ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1992 rí i pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan pín in sí àìsàn méjì: ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, èkejì jẹ́ ti másùnmáwo. Àwọn tí ó gbà pé ti másùnmáwo ni tiwọn kì í tẹ̀lé ìtọ́jú dáadáa bíi ti àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀.

Bí a ó ti ka káàdì wa

Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà lórí káàdì yín, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta: Nọ́mbà mélòó ni ẹ rí, ní ọjọ́ wo àti ọjọ́ wo? Nọ́mbà mélòó ni ẹ fẹ́ kí n dé? Ìgbà wo ni kí n padà wá? Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ọkàn yín balẹ̀. Bí ó bá ń wú yín lẹ́sẹ̀ tàbí tí ó ń ṣe yín bákan, ẹ sọ fún dókítà kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ojú ẹnìkan bá sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí tí àyà bá ń dùn ún gidigidi, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n nílé, ẹ má sì ṣe ní kí ó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.