Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Yógọ́ọ̀tì Tí A Ṣe Nílé Dì

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ìyá kan tó ń gbé ní òdìkejì ilé mi gbé ìkòkò wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Láti alẹ́ àná ni mo ti pò ó, omi mílíìkì lásán ni mo bá." Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, kò kan rárá. Mo bi í bí ó ti ṣe é. Ó ní òun se mílíìkì lítà 1 títí ó fi hó, òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 10, òun sì da ṣíbí ìjẹun 2 yógọ́ọ̀tì sí i.

Níbẹ̀ ni àṣìṣe wà. Sísè náà dára, nítorí ó ń pa kòkòrò àrùn, ó sì ń mú kí yógọ́ọ̀tì ki. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà láàyè nínú yógọ́ọ̀tì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń jẹ ṣúgà inú mílíìkì, tí wọ́n ń sọ ọ́ kíkan, kíkan náà ló sì ń mú un dì. Ìwọ̀n ooru 40 sí 45 Sẹ́síọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́. Mílíìkì tó hó ní ìṣẹ́jú 10 sẹ́yìn ṣì lè ju 70 lọ. Ó ti bọ̀ wọ́n pa. Ẹni tí kò ní ohun ìwọn-ooru, kí ó jẹ́ kí mílíìkì gbóná díẹ̀ ju omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun.

Ó tún un ṣe. Ó jẹ́ kí ó tutù dáadáa, síbẹ̀ kò dì! Mo ní kí ó mú ike yógọ́ọ̀tì tó fi bẹ̀rẹ̀ wá. Orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ló ti rà á, kì í ṣe inú fíríìjì. Irú èyí tó ń pẹ́ ní oṣù púpọ̀ láìsí fíríìjì, wọ́n ti sè é lẹ́yìn tó kan tán, kò sí ohun alààyè nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ ra èyí tí kò ní ṣúgà, tó wà nínú fíríìjì, tí wọ́n kọ sí i lára pé kòkòrò rẹ̀ wà láàyè.

Ní ìgbà kẹta, ó gbé ìkòkò sínú kúlà pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná, kò sì mì ín. Lẹ́yìn wákàtí 7, ó dì.

Bí tiyín bá kan díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì ń ṣàn, òtútù ló mú un. Ẹ fi omi gbígbóná mìíràn sínú ìgò, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 2 tàbí 3 sí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá kan rárá lẹ́yìn wákàtí 8, ẹ dà á nù. Ìyá yìí fẹ́ tún ti àkọ́kọ́ sè fún àwọn ọmọ, mo kọ̀ fún un. Mílíìkì tó sùn nínú ooru láìkan, kòkòrò mìíràn lè ti pọ̀ níbẹ̀, májèlé tí àwọn kan nínú wọn ń ṣe kì í sì í kú nínú iná.