Egbò Tí Kò Dun Ni

Ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń fọ ẹnu, ṣùgbọ́n eyín nìkan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń wò nínú dígí. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti abẹ́ rẹ̀, níbi tí àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń yẹ̀ wọ́n wò.

Tábà ni olórí ohun tí ń fa àrùn yìí, ìbáà ṣe sìgá tí a ń mu tàbí aáṣáà tí a ń fi sẹ́nu. Ọtí ni ó tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá ń lo méjèèjì pọ̀, ewu náà a máa ga púpọ̀ sí i, nítorí ọtí a máa la ọ̀nà fún májèlé inú tábà láti wọ inú awọ ẹnu. Oòrùn pẹ̀lú a máa ba ètè jẹ́, pàápàá ètè àwọn àfín. Àwọn tí ó ti lé ní ọdún 40 ni àrùn náà ń mú jù, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó ń mú ẹni tí kò fọwọ́ kan tábà rí.

Awakọ̀ kan wà, ẹni ọdún 52, tí ó ti ń mu sìgá láti ìgbà èwe rẹ̀. Dókítà eyín kọ́ ọ bí a ti ń yẹ ẹnu wò, ó sì ń ṣe é ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan. Yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́, yóò sì dúró níwájú dígí pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá ní eyín àtọwọ́dá ní láti yọ ọ́ ná. Yóò fi ọwọ́ tẹ ọrùn àti abẹ́ àgbọ̀n, bóyá kókó kan wà níbẹ̀. Yóò ká ètè méjèèjì, yóò fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn kí ó lè rí inú rẹ̀ àti èrìgì, yóò sì gbé orí sókè láti wo àjà ẹnu. Lẹ́yìn náà, yóò yọ ahọ́n síta, yóò fi aṣọ mímọ́ dì í mú, yóò fà á sí ọ̀tún, yóò tún fà á sí òsì. Ní ìkẹyìn, yóò gbé ahọ́n sókè kan àjà ẹnu, yóò wo abẹ́ rẹ̀, yóò sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

Ní oṣù kan, ó rí àbàwọ́n funfun kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì ahọ́n rẹ̀, tí kò ṣeé nù kúrò, tí egbò kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Eyín kan tí ó ṣẹ́ ń họ ibẹ̀. Dókítà fi irin pa ẹnu eyín náà dán, ó ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí egbò tí eyín bá dá a máa jinná láàárín àkókò náà. Èyí kò jinná. Etí rẹ̀ tilẹ̀ ti le.

Awakọ̀ náà wí pé, “Ṣùgbọ́n kò dùn mí, dókítà.”

Dókítà dáhùn pé, “Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dúró de ìrora, yóò ti pẹ́.”

Wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí ojú lásán kò lè sọ ohun tí egbò jẹ́. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tí ì ràn dé ọrùn. Wọ́n gé e kúrò. Awakọ̀ náà sì ń jẹun, ó sì ń sọ̀rọ̀ títí di òní. Ó ti fi sìgá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi dígí rẹ̀ sílẹ̀.