Ìkòkò Kan Ti Tó, Àjọkẹ́

Àjọkẹ́, jókòó. Ìkòkò mélòó ni mo rí lórí iná yẹn? Ọ̀kan fún ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, òmíràn fún ìwọ nìkan, tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n kàn fi omi gbígbóná bọ̀, kò ní irú, kò ní ata, iyọ̀ gan-an kò sí níbẹ̀. Kí ni ọbẹ̀ ṣe fún ọ tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ rẹ kékeré ti ń bi mí pé kí ló dé tí mọ́mì òun kì í bá àwọn jẹun mọ́. Èsì wo ni kí n fún un?

Mi ò ní kí o má dín ara kù o. Orúnkún rẹ ni, ìwọ lo mọ bó ṣe ń dùn ọ́. Ohun tí mo fi ń bá ọ jà ni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ kan wà nínú ìkòkò náà tí o fi sílẹ̀, tí o wá lọ ń fi ìyà jẹ ẹ̀fọ́. Epo ni ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn. Ṣíbí ìjẹun kan tí epo kún ń lọ sí bíi 120 kálórì. Má sì sọ fún mi pé òróró funfun lo ń lò, nítorí bákan náà ni gbogbo wọn. Mo wò ọ́ lánàá bí o ṣe ń da epo pupa sí ẹ̀fọ́ rírò: ṣíbí ńlá tí o fi ń bu ọbẹ̀ gba ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, o sì bu mẹ́ta sí i láì mí. Ìyẹn jẹ́ 12. Ó ti di 1,440 kálórì kí ẹran tó wọlé. Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ ó jẹ ẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbé 240 nínú epo nìkan. Àwo tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ tí o fún omi rẹ̀ kúrò, tí o ń wò bí ọ̀tá yìí, kò tó 100.

Nítorí náà, ìkòkò kan ṣoṣo, epo díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ìyókù wọlé nígbẹ̀yìn. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí gan-an, kì í ṣe ojú. Sè é títí yóò fi jinná, pẹ̀lú irú rẹ̀, ẹja gbígbẹ rẹ̀, edé rẹ̀, pọ̀nmọ́ rẹ̀. Bu tìrẹ sínú abọ́. Lẹ́yìn náà, gbé páànù kékeré kaná, da ṣíbí epo márùn-ún sí i, gé àlùbọ́sà sí i, jẹ́ kó ta sánsán, kí o wá dà á sínú èyí tó kù, kí o rò ó pọ̀. Tìrẹ jẹ́ 80 kálórì epo, tàwọn tó kù jẹ́ 200 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ á rí epo tó ń dán lórí ọbẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Má gba epo lọ́wọ́ àwọn ọmọ o. Ohun tó ń fún epo pupa láwọ̀ ni ara wọn fi ń ṣe fítámìn tó ń ṣọ́ ojú, ọ̀rá ló sì ń gbé e wọlé sí ara. Ìyá ọkọ rẹ náà ti gbẹ tó, ẹ má tún mú un gbẹ sí i.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O ti dán epo díẹ̀ wò rí, ọbẹ̀ sì kan, ó tún jó nísàlẹ̀. Kì í ṣe àìpọ̀ epo ló bà á jẹ́, omi tó wà nínú ata ni. Nígbà tí epo bá pọ̀, ó máa ń fi ooru rẹ̀ lé omi lọ kíákíá. Nígbà tí kò bá tó, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ lé omi náà. Da ata lílọ̀ sínú ìkòkò láì fi epo sí i, tàtàṣé, rodo, àlùbọ́sà, kí o sè é lórí iná tó mú díẹ̀, kí o máa rò ó, títí yóò fi ki. Bí o bá fi ṣíbí fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò, tí ìlà náà ń dúró díẹ̀ kí ata tó bò ó, ó ti tó. Ìgbà yẹn ni epo wọlé, kí o sì dín iná kù. Má dúró de kí epo léfòó gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń dúró dè é tẹ́lẹ̀, torí ṣíbí mẹ́rin kò lè léfòó nínú ata tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tọ́ ọ wò. Bí kíkan bá ti lọ, o ti dé. Ẹ̀fọ́ tí o ti bọ̀ tí o sì ti fún gbẹ ni kí o fi kẹ́yìn, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Bí omi bá wà lára rẹ̀, gbogbo làálàá ata yẹn dòfo.

Omi ẹran ńkọ́? Bọ ẹran lọ́jọ́ tó ṣáájú, gbé omi rẹ̀ sí fíríìjì. Ọ̀rá á dì sókè, á funfun, o fi ṣíbí ṣí i kúrò, adùn sì wà nísàlẹ̀ digbí. Bí NEPA bá mú iná lọ lóru, jẹ́ kó tutù kí o fi ṣíbí bu èyí tó léfòó.

Ẹ̀bà wá ni, níbi tí o ti máa ń tan ara rẹ jẹ. Òkèlè tóbi lójú, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà gààrí gbígbẹ ni kí o wọ̀n. 100 gíráàmù rẹ̀ súnmọ́ 350 kálórì. Ká sọ pé o da 600 gíráàmù sí omi gbígbóná fún gbogbo ilé, 2,100 kálórì nìyẹn. Wọn ẹ̀bà náà lẹ́yìn tí o rò ó tán. Ká ní ó jẹ́ 1,800 gíráàmù. Gé 300 fún ara rẹ, ìdá kan nínú mẹ́fà, 350 kálórì, kí o sì fi ẹ̀fọ́ kún àwo dípò òkèlè kejì. Àwọn tó kù lè gé tiwọn bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ṣùgbọ́n má gbé ọgbọ́n yìí lọ sórí ẹ̀gúsí o, mo mọ̀ ọ́, o máa fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ Sunday. Inú ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ ni epo wà, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, kò sí bí o ṣe lè bu tìrẹ kí epo tó wọlé. Èyí tí o lè ṣe ni kí o pò ó nípọn, kí o máa ju ú ní kókó kókó sínú ata tó ń hó, kí o dé e, kí o má sì fọwọ́ kàn án títí á fi le. Kó ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí o bá ń bù, tìrẹ á jẹ́ ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti kókó méjì, ọkọ rẹ a sì gba àwọn kókó ńlá. Òun kọ́ ló ní orúnkún.

Gbé ìkòkò kékeré yẹn kúrò lórí iná. Kí o tó lọ, irú dà?